"Títí Láé" Kì í Ṣe Ọjọ́: Ohun Tí Onífídíò Ń Tà fún Ilé-Iṣẹ́ Tó Fẹ́ Polówó

Ká ní obìnrin kan wà n'Íbàdàn tó ń gbé fídíò oúnjẹ síta lórí TikTok àti Instagram, tí èèyàn tó tó 90,000 sì ń tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan l'Ékòó kọ̀wé sí i lórí WhatsApp pé oníbàárà àwọn ń ta tòmátì inú ọ̀rá, pé wọ́n fẹ́ kó fi se jọ̀lọ́ọ̀fù nínú fídíò ìṣẹ́jú kan, àti pé ₦600,000 ni wọ́n máa san. Ó ní ó dára. Lọ́jọ́ kejì ni ìwé àdéhùn olójú-ewé mẹ́rin dé. Ìgbà yẹn gan-an ni ìdúnàádúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà ti rò pé ó parí.

Torí pé ₦600,000 kò tíì sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ owó gidi, ó sì lè jẹ́ owó ẹ̀tàn. Ohun tó máa sọ èyí tó jẹ́ ni iye ọjọ́: ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi lo ojú rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi dè é lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n lè ní kó tún iṣẹ́ ṣe, ọjọ́ mélòó ló sì máa fi retí owó. Ẹni tó bá ń ka ìwé àdéhùn báyìí, kó máa wá ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ibi tí kò bá ti rí méjèèjì, ibẹ̀ ni kó fi bírò sí.

Nínú ìwé tiwa yìí, ilé-iṣẹ́ ní àwọn lè lo fídíò náà "ní ọ̀nà gbogbo, káàkiri àgbáyé, títí láé". Kì í sábà jẹ́ pé ẹnì kan jókòó láti rẹ́ ẹ jẹ. Ìwé kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, lọ́yà wọn kò kàn fẹ́ padà wá tọrọ àyè lẹ́ẹ̀kejì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé lọ́dún márùn-ún sí i, ojú obìnrin yìí ṣì lè wà lórí pátákó ìpolówó l'Ójọ̀ta, nígbà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta, tí ilé-iṣẹ́ tòmátì mìíràn sì fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún un, àmọ́ tí wọ́n ń bi í pé ṣebí òun náà nìyẹn lórí pátákó.

Òfin kọpiráìtì Nàìjíríà tọdún 2022 wà lẹ́yìn rẹ̀ níbí ju bó ṣe rò lọ. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ló ni ín, kódà bó jẹ́ ẹlòmíì ló sanwó pé kó bá òun ṣe é, àyàfi tí àdéhùn bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Tẹ́nì kan bá sì máa gba ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ó gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Àmọ́ àyè lílò lásán, èyí tí kò ní kí olóhun má fún ẹlòmíì, lè ti ẹnu jáde, wọ́n sì lè fi ìṣe èèyàn mọ̀ pé ó ti gbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kéèyàn máa kọ "kò sí wàhálà, ẹ lò ó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́" sórí WhatsApp. Inú rere ni lójú ẹni tó kọ ọ́, ìwé àṣẹ ni lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.

Dípò kó kọ "títí láé" sílẹ̀ lásán, ńṣe ni obìnrin náà tú u sí wẹ́wẹ́. Fídíò á wà lójú ìwé tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè gbé e sí ojú ìwé tiwọn fún oṣù mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀ kún un. Tẹlifíṣàn àti pátákó kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n wá kí àwọn jọ sọ ọ́. Èyí tó kù ni ìpolówó olówó, ìyẹn kí ilé-iṣẹ́ san owó fún TikTok kí fídíò náà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tẹ̀ lé obìnrin yìí rárá. Lórí TikTok, Spark Ads ni wọ́n ń pè é. Onífídíò fúnra rẹ̀ ló máa ṣí àyè náà lórí fóònù rẹ̀, tó máa yan ọjọ́ tó fẹ́, 7, 30, 60 tàbí 365, tó sì máa fi kóòdù tó bá jáde ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Ìwé àdéhùn lè pariwo títí láé, kóòdù ní ọjọ́ tirẹ̀. Obìnrin náà ní ₦150,000 ni òun máa gbà fún 30 ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, 60 ọjọ́ la fẹ́, àmọ́ owó tí wọ́n fún wa ò lè gbé ₦300,000."

"Kò burú, sà. Ẹ jẹ́ ká fi í sí 30 ọjọ́."

Ìdáhùn yẹn wù mí gan-an. Kò bá a jà, kò sì dín owó rẹ̀ kù. Ohun tí wọ́n máa rí gbà ló dín kù. Bó bá ti sọ pé kí wọ́n mú ₦200,000 wá fún 60 ọjọ́ kan náà, ọ̀gá yẹn á mọ̀ pé iye tó kọ́kọ́ pè kò ní ìdí. Wọ́n gbà sí 30 ọjọ́, wọ́n sì kọ ọ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ fi 30 mìíràn kún un, iye kan náà ni. Àròpọ̀ owó ti di ₦750,000.

Ìdè ọwọ́ ló kàn, òun ló sì ń ná èèyàn lówó jù láìjẹ́ pé ó mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ bá "ọjà oúnjẹ èyíkéyìí" ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ nìkan ni obìnrin yìí ń ṣe! Ká ní ó máa ń rí iṣẹ́ kan lóṣù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìrẹsì, òróró tàbí èròjà amọ́bẹ̀dùn, ní ₦400,000. Oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦2,400,000 tó máa fò ó dá, nítorí ₦600,000. Fídíò kan kọ́ ni wọ́n rà, ọdún rẹ̀ ni wọ́n pín sí méjì tí wọ́n sì gbé ìdajì.

Ìbẹ̀rù ilé-iṣẹ́ kì í ṣe àsọdùn o. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí obìnrin kan yin tòmátì òun lọ́jọ́ Ajé, kó sì yin ti ẹlòmíì lọ́jọ́ Ẹtì. Nítorí náà, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ìdè náà tó ìbẹ̀rù ọ̀hún gẹ́lẹ́. Ó di "tòmátì inú agolo àti inú ọ̀rá", wọ́n sì to orúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ń bá figagbága sábẹ́ rẹ̀. Ó fi kún un pé iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún ni ìdè náà ń bá wí, kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí agolo kan tó hàn lórí pẹpẹ ìdáná nínú fídíò ọ̀sẹ̀ mìíràn fẹ̀sùn kàn án. Ó tún béèrè bóyá ó gbọ́dọ̀ pa fídíò àtijọ́ rẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n ní kò pọn dandan, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti ọjọ́ wá ńkọ́? Wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ìdè náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ sí ìwé, ó sì parí ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí fídíò bá jáde. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n ta ló ń pinnu ọjọ́ tí fídíò máa jáde? Ilé-iṣẹ́ ni. Bí ọjà wọn bá pẹ́ ní Apápá, tí wọ́n sún un síwájú oṣù mẹ́ta, ìdè náà ń bá a lọ, owó kò sì wọlé. Ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ gidi sí i: 1 Oṣù Kẹsàn-án sí 31 Oṣù Kẹwàá, yálà fídíò jáde tàbí kò jáde.

Ní ti àtúnṣe, ìwé sọ pé òun á máa tún un ṣe "títí ó fi máa tẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ́rùn". Lára ẹni tó ń dáná, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ká ní fídíò ti parí, ẹnì kan lọ́ọ́fíìsì wá ṣàkíyèsí pé aṣọ búlúù tó wọ̀ jọ àwọ̀ ilé-iṣẹ́ tí àwọn ń bá díje, wọ́n sì ní kó wọ pupa. Kò sí bọ́tìnnì tó ń yí aṣọ padà nínú ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n ti jẹ tán. Yóò tún ra ìrẹsì àti adìyẹ, yóò tún san owó ẹni tó di kámẹ́rà mú, yóò tún bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, ó pín in: gígé fídíò, yíyí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ tàbí orin padà jẹ́ àtúnṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní. Àtúnyà jẹ́ iṣẹ́ tuntun, ₦120,000, àyàfi tó bá jẹ́ òun ló kùnà ohun tí wọ́n jọ kọ sílẹ̀. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, wọ́n máa fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ, aṣọ tó máa wọ̀ àti àwo tó máa lò kó tó tan iná. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa kó èrò gbogbo ọ́fíìsì jọ ránṣẹ́, torí pé tí ọ̀gá ọjà bá ní kó yára sọ̀rọ̀, tí ọ̀gá àgbà sì ní kó rọra, ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ ti tán láìtún nǹkan kan ṣe.

Ẹnìkẹta tún wà tó lè béèrè àtúnṣe: ARCON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà lábẹ́ òfin tọdún 2022, tó sì ń yẹ ìpolówó wò kó tó dé etí aráàlú. Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbé fún un ló ń sọ, nítorí náà ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ló máa gba ìwé àṣẹ, àti pé àtúnṣe tí ARCON bá béèrè kò sí lára ẹ̀ẹ̀mejì yẹn.

Owó ló kẹ́yìn nínú ìwé, àmọ́ òun ló so gbogbo ìyókù pọ̀. "60 ọjọ́ lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà." Ẹ wò ó dáadáa. Bí àtúnṣe kò bá ní òpin, ìfọwọ́sí kò ní ọjọ́. Bí ìfọwọ́sí kò bá ní ọjọ́, 60 ọjọ́ yẹn kò lè bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ìwé mìíràn, ilé-iṣẹ́ ìpolówó máa ń kọ ọ́ pé ìgbà tí oníbàárà bá sanwó fún àwọn ni àwọn máa tó sanwó fún onífídíò, èyí tó sọ ọ́ di ẹni tó ń yá àwọn méjèèjì lówó. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni ìdajì, ₦375,000, kó tó ya fídíò, ìdajì tó kù láàárín 14 ọjọ́ sí ọjọ́ tí fídíò bá jáde. Tí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bá kọjá tí wọn kò fèsì sí fídíò tó fi ránṣẹ́, ó ti di àfọwọ́sí. Tí wọ́n bá fagi lé iṣẹ́ lẹ́yìn tó ti yà á, wọ́n á san gbogbo owó yíyà, àfi ti ìpolówó olówó nìkan. Tí wọ́n bá sì yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, torí pé owó orí tirẹ̀ ni wọ́n ti bá a san síwájú.

Gbogbo èyí kò ní í rọrùn fún ẹni tí ìkànnì rẹ̀ ṣì kéré. Ilé-iṣẹ́ lè ní kó mú un tàbí kó fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ló lè rí gbà, èmi á ní kó jẹ́ ìdè ọwọ́, torí àwọn ìyókù ń dín èrè iṣẹ́ yìí kù ni, ìdè ọwọ́ ń jẹ iṣẹ́ tí kò tíì dé. Àfi ẹni tí kò ní owó tó máa fi ra adìyẹ àti ìrẹsì lọ́wọ́. Àsansílẹ̀ ni kí onítọ̀hún kọ́kọ́ bèèrè.

Lẹ́yìn tí 30 ọjọ́ bá pé, ó kù kó yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòdù TikTok á ti kú fúnra rẹ̀. Fún Instagram àti Facebook, Meta Ad Library wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni: kó tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà síbẹ̀, ìpolówó tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ á jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, kó ya àwòrán ojú fóònù náà, kó kọ ₦150,000 sórí ìwé owó tuntun, kó sì fi méjèèjì ránṣẹ́ pa pọ̀.