Ṣọ́ọ̀bù Ańkárá Tí Kò Ṣí

Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan n'Ìbàdàn nìyí. Ọdún méjì ni Ìyá Ìbejì àti Ìyá Wálé fi jọ ń tu owó jọ, kí wọ́n lè ṣí ṣọ́ọ̀bù ańkárá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí owó náà pé ₦400,000, wọ́n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Wálé, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ya ewé kan nínú ìwé ọmọ láti fi ṣe ìṣirò.

Owó ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀: ₦12,000 lóṣù, onílé sì fẹ́ gba ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ₦144,000. Ó ku ₦256,000. Ańkárá ọ̀pá mẹ́fà tí wọ́n ní lọ́kàn jẹ́ ₦9,000 lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lápapọ̀, ₦10,500 ni àwọn náà lè tà á. Owó wọn yóò ra 28, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦42,000 bí gbogbo rẹ̀ bá tà láàárín oṣù kan. Tí wọ́n bá yọ owó ṣọ́ọ̀bù oṣù yẹn, ó ku ₦30,000 fún ènìyàn méjì.

"Ìyẹn bí kò bá sí àwìn o," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Ta ló ń ta ańkárá láìsí àwìn?" Ìyá Wálé ju bírò sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti dákẹ́ ni ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní òdìkejì òpópónà ti ń kọjá lọ, pẹ̀lú báàgì ńlá lórí. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Agogo mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

"Ṣé kò sí o? Níbo lo ti ń bọ̀ lálẹ́ yìí?"

"Wíífìn ni mo lọ ṣe, mà. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa wọ aṣọ yìí."

Ìyá Ìbejì, tó ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán kó tó lọ́kọ, yọ aṣọ kan, ó yí inú rẹ̀ síta. Ẹ̀rọ ti gé etí rẹ̀ kó gún régé, ó sì ti fi òwú gbá a mọ́ra kó má baà tú. Ẹ̀rọ ìránṣọ lásán kì í ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ télọ̀ ni kò sì ní èyí tó ń ṣe é. Ọmọ náà ní ₦300 ni wọ́n ń gbà lórí aṣọ kan, òun sì tún san ₦400 fún ọ̀kadà lálọ-lábọ̀.

Nígbà tí ọmọ náà lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka télọ̀ tó wà láti mọ́ṣáláṣí dé ìkóríta. Mọ́kànlá ni. Àwọn méjì ló ní ẹ̀rọ wíífìn tiwọn. Ìyá Wálé tún mú bírò.

Bí télọ̀ mẹ́sàn-án bá ń gbé aṣọ méjì méjì wá lójúmọ́, ₦5,400 nìyẹn. Yọ ₦2,000 fún òwú àti epo jẹnẹrétọ̀, ó ku ₦3,400. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó di ₦88,400. Bí owó ṣọ́ọ̀bù bá kúrò níbẹ̀, ó ku ₦76,400. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ní mọ́tò ni wọ́n ná sí ₦170,000, nítorí náà owó tó wà nílẹ̀ tó o.

Ìyá Ìbejì kò jẹ́ kí ayọ̀ gbé ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ó ní òwú inú ẹ̀rọ náà lè tó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kan bá sì le ju ìyókù lọ, etí aṣọ yóò ká kò. Bí ọ̀bẹ rẹ̀ bá kú, etí aṣọ yóò máa ya dípò kó gé. Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, kí wọ́n so òwú tuntun mọ́ ti àtijọ́, kí wọ́n fà á kọjá. Ojú abẹ́rẹ́ nìkan ni kóko kò ní lè gbà, wọn yóò gé e níbẹ̀, wọn yóò sì fi ọwọ́ kì í. Ó tún ní nígbà Iléyá àti oṣù Kejìlá ni aṣọ máa ń pọ̀, oṣù Kìíní máa ń gbẹ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì nìyí: ọjọ́ tó bá bàjẹ́, ọjà dúró nìyẹn.

Nítorí náà wọn kò sanwó fún onílé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ mẹ́sàn-án náà ni wọ́n lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ní àwọn yóò gbé aṣọ wá. Méjì ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí iṣẹ́ wọn. Ẹnì kan ní òun ń sìn bàbá kan tó ń ṣe é fún òun ní gbèsè, òun kò lè fi í sílẹ̀. Ìyá Wálé tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú télọ̀ mẹ́fà péré, ó sì yọ òwú àti epo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó jẹ́ ₦41,600 lóṣù, bí owó ṣọ́ọ̀bù bá sì kúrò níbẹ̀, ó ku ₦29,600. Kò pọ̀, ó sì dín díẹ̀ sí ti ańkárá, ṣùgbọ́n ó ju ohun tí àwìn yóò jẹ́ kí wọ́n rí nínú ańkárá lọ.

Ìwọ tí o ń ronú ṣọ́ọ̀bù, kí o tó ka ohun tí o fẹ́ tà, kọ́kọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí o wo ohun tí àwọn oníṣẹ́ àdúgbò ń gbé lọ ṣe níbòmíràn.