Òǹkà Tó Sá Pamọ́ Lójú Fóònù



Bàbá kan láàárín wa, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, fẹ́ fi fóònù Ańdíróìdì san ₦5,000 lórí owó tó yá. Ó ti fẹ lẹ́tà fóònù náà tó bẹ́ẹ̀ tí òdo tó kẹ́yìn fi bọ́ sí ẹ̀yìn etí gíláàsì. 5000 ni bàbá rí, ṣùgbọ́n 50000 ló tẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó tó wà ní báńkì kò tó bẹ́ẹ̀, ni kò jẹ́ kí owó náà lọ.

Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ Accessibility. Orúkọ tí ẹ óò bá níbẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ wá Font size, kí ẹ sì máa fi í ga ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé ìparí ọ̀rọ̀ di àmì tóótòòtó mẹ́ta, tàbí tí ẹ kò rí bọ́tìnì ìfowóránṣẹ́ mọ́, ó ti pọ̀ jù. Ẹ dá a padà ní ìgbésẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà aláwọ̀ eérú ni kò hàn lórí funfun, ẹ tan High contrast text. Kì í fẹ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó ń mú kó dúdú tàbí kó funfun dáadáa.

Magnification ni ó ń fẹ gbogbo ojú fóònù. Bí ẹ bá ti tan án, tí ẹ sì yan títẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi ìka kan tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá, yóò tóbi. Ìka méjì ni ẹ óò fi fà á kiri. Ẹ rántí pé apá kan péré ni ẹ ń rí, nítorí náà ẹ fà á dé etí òsì àti etí ọ̀tún òǹkà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ibí yìí gan-an ni bàbá wa ti kọsẹ̀.

Ẹni tí èyí kò bá tó fún, kí ó lo TalkBack, tí í máa ka ohun tó wà lójú fóònù sókè. Ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ ohun tí ìka yín bà. Ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, yóò ṣe é. Ìka méjì ni a fi ń yí ojú ìwé lọ sókè sódò. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé fóònù ti bàjẹ́. Ẹ yan bọ́tìnì ohùn méjèèjì fún ọ̀nà àbùjá rẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá di méjèèjì mú pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, yóò tàn tàbí kí ó kú. Bí ìka bá kan nǹkan tuntun, ohùn kékeré tàbí gbígbọ̀n yóò fi hàn yín.

Ká ní bàbá ti lo TalkBack, ìbá ti gbọ́ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ni. Ṣùgbọ́n aládùúgbò náà lè gbọ́; bí owó bá wọ̀ ọ́, ẹ ki íápíìsì bọ etí.