Ìgbà wo ni lààdà di ẹ̀tọ́ alágbàtà?

Ìjà tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọlọ́jà àti alágbàtà níparí oṣù kì í sábà jẹ́ lórí iye lààdà, torí wọ́n ti jọ sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí lààdà di ẹ̀tọ́ ni wọn kì í sọ. Alágbàtà gbà pé ọjà ti tà lọ́jọ́ tí oníbàárà gbé e lọ. Ọlọ́jà ní òun ò tíì rí owó òun. Ní tèmi, ọlọ́jà ló jàre: ọjà tí owó rẹ̀ ò pé, tàbí tó ṣì lè padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò tíì tà. Àmọ́ àre rẹ̀ dúró lórí pé kó ṣe ìṣirò náà láìrẹ́ ẹnì kankan jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi aláṣọ kan ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Alágbàtà rẹ̀ ń gbé léèsì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọ́fíìsì. Lààdà jẹ́ náírà 5 lórí náírà 100 kọ̀ọ̀kan, oníbàárà sì ní ọjọ́ 7 láti dá aṣọ padà. Lóṣù Keje, èèyàn márùn-ún gbé aṣọ.

Ẹni àkọ́kọ́ gbé ti 120,000 náírà lọ́jọ́ kẹrin, ó san gbogbo owó, kò sì dá nǹkan kan padà. Ẹnì kejì gbé ti 200,000, ó san 150,000, ó ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kẹta san 80,000 tán, ṣùgbọ́n ó rí ojú ibi tó ya lára aṣọ, ó dá a padà lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n sì dá owó rẹ̀ fún un. Ẹnì kẹrin ra mẹ́ta lọ́jọ́ kejìlá, 30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sanwó, ó sì dá ẹyọ kan padà kí ọjọ́ 7 tó pé. Ẹnì karùn-ún gbé ti 100,000 lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ó sì sanwó lójú ẹsẹ̀.

Tí ìyá aláṣọ bá kàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 590,000 ni, lààdà á jẹ́ 29,500. Ìṣirò tó tọ́ fún oṣù Keje kéré sí i gan-an: 120,000 ti ẹni àkọ́kọ́ àti 60,000 tó kù lọ́wọ́ ẹnì kẹrin, àpapọ̀ 180,000. Lààdà rẹ̀ jẹ́ 9,000.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, tí alágbàtà á sì kọ́kọ́ fura. Owó ẹnì kejì àti ẹnì karùn-ún kò gbọdọ̀ sọnù. Tí ẹnì kejì bá san 50,000 tó kù lógúnjọ́ oṣù Kẹjọ, oṣù Kẹjọ ni lààdà gbogbo 200,000 náà bọ́ sí. Ti ẹnì karùn-ún náà bọ́ síbẹ̀, torí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ 7 rẹ̀ pé. Lààdà oṣù Kẹjọ lórí àwọn méjèèjì á jẹ́ 15,000. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tó jẹ́ pé aṣọ tó jáde lóṣù Kẹjọ nìkan ló ń wò lóṣù náà kò ní rí wọn rárá, á sì jẹ alágbàtà ní gbèsè láìmọ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ méjì ni kí ìwé fi hàn fún aṣọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí owó pé, àti ọjọ́ tí àyè àtidá a padà parí. Èyí tó bá gbẹ̀yìn nínú méjèèjì ló ń sọ oṣù tí lààdà máa bọ́ sí. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lè fi ọjọ́ àkọ́kọ́ sí D, ìkejì sí E, kó kọ:

```
=IF(D2="","",MAX(D2,E2))
```

Bí owó ò bá tíì pé, àyè náà á ṣófo, lààdà ò sì ní jáde. Iye tí wọ́n máa ṣírò lé lórí ni owó aṣọ tó kù lẹ́yìn ohun tí wọ́n dá padà, láìka owó ọkọ̀ tó gbé aṣọ lọ mọ́ ọn.

Kí ni owó tó pé? Owó tó hàn nínú àkáǹtì ní báńkì ni. Àlẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà fi han alágbàtà lórí fóònù kò tó, torí ayédèrú pọ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì náà ò tíì di owó títí báńkì yóò fi san án.

Aṣọ tó padà lẹ́yìn ọjọ́ 7 ńkọ́? Tí ìyá aláṣọ bá gbà á nítorí ojú àánú, òun ni kó ru àdánù náà. Kò tọ́ kó yọ lààdà tó ti san. Bákan náà, alágbàtà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣì ní ẹ̀tọ́ sí lààdà rẹ̀ tí oníbàárà tó kó wá bá san gbèsè tán.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti alágbàtà yín fọwọ́ sí i kó tó gbé aṣọ àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ sì jẹ́ kó máa rí ìwé náà lóṣooṣù.