Yíyọ Ọwọ́ Kúrò Nínú Fótò Ọjà

Aago ọwọ́ tó ní okùn awọ kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí pákó funfun tí wọ́n bá fẹ́ ya fótò rẹ̀ láti òkè. Ojú rẹ̀ a máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi kí ẹnìkan fi ìka di okùn náà mú. Ìka yìí ló gbọ́dọ̀ pòórá.

Wọ́n á ya aago pẹ̀lú ìka, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé aago kúrò, wọ́n á sì ya pákó lásán. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ mì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, iná kò sì gbọdọ̀ yí padà. Bí kámẹ́rà bá ń fúnra rẹ̀ yan ìmọ́lẹ̀, pákó kan á mọ́ ju èkejì lọ, ojú oríkèé wọn á sì hàn.

Nínú Photoshop, fótò pákó wà nísàlẹ̀, ti aago wà lókè. Wọ́n á fi `Layer Mask` sí ti òkè, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú kun ibi tí ọwọ́ wà, pákó á sì yọ jáde níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n pákó lásán kò lè dá etí okùn tí ìka bò padà. Fótò kẹta ló ń yanjú èyí: wọ́n á di okùn mú níbòmíràn, kí aago má sì kúrò lójú kan. Òjìji ọwọ́ ló tún le jù. Tó bá ṣú lu òjìji aago, wọn kì í ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí náà wáyà tín-ín-rín sàn ju ìka lọ.