Ọjọ́ Tí Èlé Ń Bo Owó Ìtanràn

Owó ìfipamọ́ onígbèdéke, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fíkísìdì, jẹ́ àdéhùn ọlọ́jọ́. Oníbàárà gbà pé òun kò ní fọwọ́ kan owó náà títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Báǹkì sì gbà láti san èlé tó ju ti àkáǹtì lásán lọ. Bí oníbàárà bá já àdéhùn náà láìtọ́jọ́, báǹkì á bu owó ìtanràn. Àwọn báǹkì kan ń bu ìdá kan nínú èlé tó ti gorí owó, irú ìyẹn kò sì lè kan ojú owó. Àwọn mìíràn ń bu èlé iye ọjọ́ kan pàtó, ibẹ̀ sì ni ewu wà.

Ká ní ìyá oníṣòwò kan fi ₦730,000 sílẹ̀ fún 180 ọjọ́, tí èlé ọdún kan jẹ́ ₦15 lórí ₦100. Èlé ọdún kan á jẹ́ ₦109,500. Bí a bá pín in sí 365, ₦300 ló ń wọlé lójúmọ́. Bí owó ìtanràn bá jẹ́ èlé 60 ọjọ́, ₦18,000 nìyẹn. Bó bá gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ 40, ₦12,000 péré ni èlé tó wà nílẹ̀, báǹkì á sì yọ ₦6,000 tó kù lára ojú owó. ₦724,000 ni yóò gbé lọ sílé. Lọ́jọ́ 60, èlé àti ìtanràn dọ́gba: iye tó kó wá náà ló máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni èrè tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá gbà á lọ́jọ́ 100, ₦12,000 ló kù fún un nínú ₦30,000.

Owó orí tún lè sún ọjọ́ yẹn síwájú. Ní Nàìjíríà, ₦10 ni wọ́n ń yọ nínú ₦100 èlé. Bí báǹkì bá yọ ọ́ lórí gbogbo èlé kó tó bu ìtanràn, ó di ọjọ́ 67 kí ojú owó tó bọ́ nínú ewu.

Ọjọ́ kejì tó ṣe kókó kì í sábà hàn sí ènìyàn. Báǹkì lè yá oníbàárà lówó, kí fíkísìdì náà dúró bí ohun ìdógò. Bí èlé ẹ̀yáwó bá jẹ́ ₦25 lórí ₦100 lọ́dún, tí ìyá yìí sì nílò gbogbo owó náà lọ́jọ́ 150, ẹ̀yáwó 30 ọjọ́ á ná an ní ₦15,000. Bó bá já fíkísìdì, ìtanràn ₦18,000 àti èlé ₦9,000 tí kò ní wọlé mọ́ di ₦27,000. Ẹ̀yáwó ló sàn. Ọjọ́ 90 ni ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, láìka owó orí. Ṣáájú rẹ̀, jíjá fíkísìdì ló dínwó jù.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ síwèé kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìdá kan nínú èlé ni ìtanràn, tàbí èlé ọjọ́ mélòó, kó sì rí ìdáhùn náà nínú ìwé àdéhùn.