Ojú Ìsopọ̀: Orúkọ Yorùbá nínú Háṣítáàgì Ìgbéyàwó

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni olórin Davido àti Chioma ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wọn ní Èkó. #CHIVIDO2024 ni háṣítáàgì tí a fi kó àwòrán àti fídíò ọjọ́ náà jọ lórí ayélujára. “Chi” wá láti inú orúkọ ìyàwó, “vido” láti inú orúkọ ọkọ. Ó rọrùn láti pè, kò sì sí gbólóhùn Yorùbá tí ó lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, nítorí pé èdè Yorùbá kò ní kọ́nsónáǹtì “v” rárá.

Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí orúkọ méjèèjì bá jẹ́ ti Yorùbá. Gbólóhùn odidi ni ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá: Olúwa ni ó ṣe èyí ni a sọ di Olúwaṣèyí. Bí a bá gé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kúrú, ọ̀rọ̀-ìṣe lè ṣẹ́kù sínú ègé rẹ̀, kí ègé méjì tí a so pọ̀ sì di gbólóhùn tuntun tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ́kàn. Ohun kejì tí ó mú un le ni pé háṣítáàgì kò gba àlàfo tàbí àmì ìdánudúró, ọ̀pọ̀ àlejò kì í sì í tẹ àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́tà mẹ́ta náà, “ebi”, lè jẹ́ ebi, ẹ̀bi tàbí ẹbí. Ojú ìsopọ̀ ni àṣìkà ti sábà máa ń wọlé.

Bí àpẹẹrẹ, kí a sọ pé Ṣèyí fẹ́ gbé Jádesọ́lá níyàwó ní Ojoku, ìlú tí kò jìnnà sí Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Orúkọ tí ilé ń pè wọ́n ni a kọ́kọ́ máa ń mú, a sì máa ń yẹra fún “Olu”, “Ade” àti “Ola” ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹgbàágbèje ènìyàn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn báyẹn. Ìsopọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni #SeyiJade. Ẹni tí kò mọ ìyàwó yóò kà á sí “Ṣèyí, jáde!” Bí a bá yí i padà sí #JadeSeyi, àṣẹ náà ṣì wà níbẹ̀. Ègé “Jade” fúnra rẹ̀ ni ó ń bá ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí a bá mú ìparí orúkọ náà dípò rẹ̀, a ó rí #SeyiSola. Òótọ́ ni pé a lè ka “Sola” sí Ṣọlá, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn náà ni, kò sì mú ẹ̀rín wá.

Àmọ́ Ṣèyí àti Ṣọlá pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ṣeé ṣe kí tọkọtaya mìíràn ti lo háṣítáàgì náà. Wíwá a lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan kí a tó tẹ ìwé ìpè ni yóò fi èyí hàn. Bí ẹnì kan bá wá fi orúkọ ìlú kún un, tí ó di #SeyiSolaOjoku, ará Ojoku yóò mọ ìlú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àlejò tí kò gbọ́ orúkọ ìlú náà rí lè gé e sí “Òjó kú”. Ìdí nìyí tí àjèjì fi yẹ ní ẹni tí a ó fi háṣítáàgì hàn, ní lẹ́tà kékeré gbogbo: “seyisolaojoku”. Lẹ́tà ńlá máa ń ran ojú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìkànnì kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré, ẹlòmíràn sì lè má tẹ̀ ẹ́.

Irú àṣìkà báyìí ti da ayé rú rí. Nígbà tí Margaret Thatcher kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, #nowthatchersdead jáde. Àwọn kan gé e lẹ́yìn “that”, ohun tí ó ṣẹ́kù sì di “chers”, wọ́n sì rò pé olórin Cher ni ó kú.

Ọdún ni àfikún tí ewu rẹ̀ kéré jù, nítorí pé nọ́ńbà kì í bá lẹ́tà di ọ̀rọ̀. Ohun tí #BAAD2017 ti Banky W àti Adesua Etomi ṣe nìyẹn: lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ láti inú orúkọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọdún. #SeyiSola pẹ̀lú ọdún ìgbéyàwó yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹwà nìkan kò tó. Ayọ̀ àti Kúnlé lè so orúkọ pọ̀ kí ó di #AyoKunle, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì dùn létí. Ṣùgbọ́n orúkọ àìmọye ọkùnrin ni Ayọ̀kúnlé, àwòrán tọkọtaya náà yóò sì sọnù sí àárín tiwọn.