Dẹ́ńsítì Irin láti Inú Àpótí Átọ́ọ̀mù Rẹ̀

Bí ènìyàn bá gbé ègé irin tí kò ní àdàlù lé orí òṣùwọ̀n, tí òṣùwọ̀n sì fi 157.4 gíráàmù hàn, tí ó wá rọra ri ègé náà sínú omi inú ife oníwọ̀n, omi yóò gòkè ní ìwọ̀n 20.0 kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà. Bí a bá pín 157.4 sí ọ̀nà 20.0, a ó rí 7.87. Èyí ni dẹ́ńsítì irin, ìyẹn ni iye gíráàmù tí ó wà nínú kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan. Ọ̀nà kejì wà tí a fi lè rí nọ́ḿbà yìí láìlo omi rárá: kí a ka átọ́ọ̀mù.

Àwọn átọ́ọ̀mù inú irin kò dà pọ̀ bí àgbàdo inú àpò. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ètò kan náà ni ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìhà. Àpótí kékeré tí ènìyàn lè máa tò léra títí yóò fi di odindi irin ni a pè ní àpótí ìpìlẹ̀ níhìn-ín. Gígùn, ìbú àti gíga ti irin dọ́gba. Ìtànṣán ẹ́ksìréè ni a fi ń wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí irin kò bá gbóná ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ, ẹ̀gbẹ́ náà jẹ́ 286.6 píkómítà.

Átọ́ọ̀mù kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan nínú igun mẹ́jọ àpótí náà, ọ̀kan sì wà ní àárín gbùngbùn. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán kà wọ́n yóò pè wọ́n ní mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni. Àpótí mẹ́jọ ni ó ń pàdé ní igun kan, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́jọ átọ́ọ̀mù igun ni ó jẹ́ ti àpótí kọ̀ọ̀kan. Igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá mú átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo wá. Ti àárín sọ ọ́ di méjì. Ti bàbà yàtọ̀: átọ́ọ̀mù wà ní igun àti ní ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àpótí méjì ni ó pín ti ojú, nítorí náà ìdajì mẹ́fà jẹ́ mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti igun sì jẹ́ mẹ́rin.

Móòlù irin kan, tí í ṣe 6.022 × 10²³ átọ́ọ̀mù, wúwo tó 55.85 gíráàmù. Ìwúwo átọ́ọ̀mù méjì inú àpótí ni:

```
2 × 55.85 ÷ (6.022 × 10²³) = 1.855 × 10⁻²² g
```

Kí a tó wá àyè inú àpótí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí píkómítà padà sí sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí, tàbí tí kò sọ agbára mẹ́wàá di ìlọ́po mẹ́ta, yóò rí ìdáhùn tí kò sí irin tí ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

```
a  = 2.866 × 10⁻⁸ cm
a³ = 2.354 × 10⁻²³ cm³
ρ  = 1.855 × 10⁻²² ÷ (2.354 × 10⁻²³) = 7.88 g/cm³
```

Ìyàtọ̀ 0.01 péré ni ó wà láàárín èyí àti ti òṣùwọ̀n. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ fi 4 ṣe iye átọ́ọ̀mù, bíi ti bàbà, 15.76 ni yóò rí, ìlọ́po méjì gan-an. Irú ìlọ́po báyìí ń fi hàn pé irú àpótí ni a ṣì mú, kì í ṣe pé ìwọ̀n kò péye. Àṣìṣe kékeré nínú ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣì, dẹ́ńsítì yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta ṣì.

Ìdánwò tí ó kù ni láti yí ìṣírò náà padà, kí a wá iye átọ́ọ̀mù inú móòlù kan:

```
N = Z × M ÷ (ρ × a³)
  = 2 × 55.85 ÷ (7.87 × 2.354 × 10⁻²³)
  = 6.03 × 10²³
```

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ. Dẹ́ńsítì tí a fi òṣùwọ̀n àti omi rí ni kí a lò, kì í ṣe èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò. Ẹni tí ó fi 4 ṣe iye átọ́ọ̀mù, tí ó sì dá 15.76 tirẹ̀ padà sínú ìlà yìí, yóò rí 6.022 × 10²³ geere, nítorí ohun tí ó fi sí i ni ó tún mú jáde. Bí ó bá lo 7.87, 1.21 × 10²⁴ ni yóò rí, àṣìṣe rẹ̀ yóò sì hàn kedere.

Ààlà kan wà fún nọ́ḿbà méjì náà. Bí irin bá gbóná kọjá 912°C, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò tún ara wọn tò bíi ti bàbà, mẹ́rin nínú àpótí kan, ẹ̀gbẹ́ àpótí náà yóò sì gùn sí i. Nítorí náà, irú àpótí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti inú irin tí ooru rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.